Bí ẹ ṣe lè yọ tiransákíṣọ̀n nínú sítétímẹ́ǹtì tí wọ́n síkáàn, tí bálánsì ò fi ní já láti ojú-ìwé kan sí èkejì

Sítétímẹ́ǹtì tí báńkì fi ránṣẹ́ tààrà ní PDF ò le rárá, ẹ máa fi máósì fa ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ẹ máa kọpi ẹ̀, ó parí. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tí ẹnì kan ti tẹ̀ sórí ìwé, tó wá gbé ìwé náà lé síkánà, tí ojú-ìwé kan wọ́, tí òmíràn ṣẹ́ po láàrin, tí wọ́n wá ní kí ẹ bá wọn kó gbogbo ẹ̀ sínú sípírẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Ẹ fi máósì fà á títí, kò mú nǹkan kan, torí fọ́tò lásán ló wà nínú fáìlì yẹn.

Ohun tí mo rí pé ó ń ṣàkóbá fáwọn èèyàn jù ni kọ́lọ́ọ̀mù bálánsì tó wà lápá ọ̀tún. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní dẹ́bíìtì àti krẹ́díìtì làwọn nílò, fọ́múlà á bá àwọn ṣe bálánsì fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bálánsì tí báńkì tẹ̀ síbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ bálánsì tẹ́ ẹ fúnra yín ṣírò lẹ fi ń bá iṣẹ́ lọ, àṣìṣe kékeré kan lójú-ìwé àkọ́kọ́ á ran gbogbo ìlà tó tẹ̀ lé e títí dé ìparí, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé bálánsì tí báńkì tẹ̀ sórí ìlà tó ṣáájú ẹ̀, àṣìṣe á jókòó síbi tó wà, ẹ máa lọ bá a níbẹ̀.

Màá fi èyí tí mo ṣe kẹ́yìn ṣàlàyé. Ojú-ìwé mẹ́rin ló ní, tiransákíṣọ̀n 118, owó tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 184,250.00, èyí tó kù ní ìparí jẹ́ 97,315.40.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi ojú yẹ ibi tí ojú-ìwé ti so mọ́ra

Ẹ má tíì ṣí sọ́fítíwià kankan. Ẹ ṣí fọ́tò ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bálánsì àkọ́kọ́ àti bálánsì ìkẹyìn tó wà lórí ẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Fún ojú-ìwé mẹ́rin, nọ́ńbà mẹ́jọ péré ni. Ọ̀pọ̀ báńkì máa ń kọ `B/F` sókè ojú-ìwé, ìyẹn iye tí wọ́n gbé wá láti ojú-ìwé tó kọjá, wọ́n á tún kọ `C/F` sísàlẹ̀, iye tí wọ́n ń gbé lọ síwájú. `C/F` ojú-ìwé kan gbọ́dọ̀ bá `B/F` èyí tó tẹ̀ lé e mu, kọ́bọ̀ ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Báńkì mìíràn kì í kọ ọ́, nígbà yẹn ẹ lo bálánsì ìlà tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fi ìlà àkọ́kọ́ ojú-ìwé kejì wò ó.

Ibi yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí wàhálà tèmi. Lókè ojú-ìwé 3, `B/F` kà pé 88,410.00. Mo wá wo ìsàlẹ̀ ojú-ìwé 2, ìlà ìkẹyìn ibẹ̀ ní 91,160.00, `C/F` ò sí níbẹ̀ rárá. Ìyàtọ̀ ẹ̀ 2,750.00. Mo wo nọ́ńbà ojú-ìwé, 2 tẹ̀ lé 1, 3 tẹ̀ lé 2, kò sí ojú-ìwé tó sọnù, déètì náà ò sì fò. Ó túmọ̀ sí pé síkánà ló gé ìsàlẹ̀ ìwé jẹ. Mo ní kí wọ́n síkáàn ojú-ìwé 2 lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà tó dé, ṣáájì báńkì 2,750.00 ló wà níbẹ̀, `C/F` 88,410.00 lábẹ́ ẹ̀.

Ká ní kò sí ẹni tó lè tún un síkáàn fún mi ńkọ́? Màá fi ìlà kan síbẹ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ yẹn, màá kọ ọ́ gbangba síbẹ̀ pé wọ́n gé ibí yìí jẹ, n ò rí ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé iye tí owó fi dín kù lápapọ̀ nìkan ni ìyàtọ̀ yẹn ń sọ. Ó lè jẹ́ ìlà kan, ó lè jẹ́ ìlà mẹ́ta tí krẹ́díìtì wà nínú ẹ̀, nítorí náà ẹ má lọ pè é ní ṣáájì báńkì nígbà tẹ́ ò rí i.

Ohun kékeré kan tún wà: báńkì kan máa ń to tiransákíṣọ̀n tuntun sókè, ti àtijọ́ sísàlẹ̀. Ẹ wo déètì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí i padà kó bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pẹ́ jù, ọkàn yín á balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kà á

Èmi máa ń lo Tesseract, sọ́fítíwià tó ń ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ sọ PDF di fọ́tò, kó jẹ́ píkísẹ̀lì 300 lórí ínṣì kan, torí tó bá kéré ju ìyẹn lọ, 3 àti 8 á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra wọn. Àṣẹ kìíní ló ń sọ ọ́ di fọ́tò, èkejì ló ń kà á, ẹ tún èkejì ṣe fún ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan.

```
pdftoppm -r 300 -gray -png statement.pdf oju
tesseract oju-1.png oju-1 --psm 6 -c preserve_interword_spaces=1
```

`--psm 6` yẹn ń sọ fún un pé bùlọ́ọ̀kù ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó ka gbogbo ojú-ìwé sí, kó máa ka ìlà kan tán kó tó bọ́ sí èkejì. Tẹ́ ò bá fi í, ó lè ka kọ́lọ́ọ̀mù apá òsì tán kó tó lọ sí ti ọ̀tún, ẹ máa wá ní ọgbọ̀n déètì níbì kan, ọgbọ̀n bálánsì níbòmíràn, kí ẹ wá máa so wọ́n pọ̀. Èyí tó kù ń jẹ́ kó fi àlàfo tó wà láàrin kọ́lọ́ọ̀mù sílẹ̀, àlàfo yẹn lẹ máa fi mọ̀ bóyá abẹ́ dẹ́bíìtì ni iye kan wà tàbí abẹ́ krẹ́díìtì. Ojú-ìwé tó bá wọ́, ẹ tún un ṣe kó dúró gbọọrọ kẹ́ ẹ tó fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa fi bálánsì ìlà kan sórí ìlà kejì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tò ó sínú ṣíìtì

Kọ́lọ́ọ̀mù tèmi rèé: A nọ́ńbà ìlà, B ojú-ìwé, C déètì, D àlàyé, E dẹ́bíìtì, F krẹ́díìtì, G bálánsì tí báńkì tẹ̀, H àyẹ̀wò. Ìlà 2 ni bálánsì ìbẹ̀rẹ̀, tiransákíṣọ̀n àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà 3. Nọ́ńbà ìlà yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹnì kan á ṣì fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì tó ń to nǹkan ní déètì, tiransákíṣọ̀n márùn-ún ọjọ́ kan náà lè dàrú, bálánsì lè já. Pẹ̀lú kọ́lọ́ọ̀mù A, ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà.

`B/F` àti `C/F` kì í ṣe tiransákíṣọ̀n o. Mo ti rí ṣíìtì tí wọ́n kó `B/F` sí abẹ́ krẹ́díìtì ní gbogbo ojú-ìwé, owó tó wọlé wá wú bí ẹni pé olówó ni wọ́n. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìlà, ẹ ṣáà ti kọ wọ́n sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 1. Tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n, ìlà àkọ́kọ́ ojú-ìwé 2 á jókòó gẹ́lẹ́ sábẹ́ ìlà ìkẹyìn ojú-ìwé 1, fọ́múlà á sì máa yẹ ìsopọ̀ yẹn wò fúnra ẹ̀.

Ìlà tí kò bá ní déètì, tí kò ní iye, àlàyé ìlà òkè ẹ̀ ló kù lọ́wọ́, ẹ so ó mọ́ ọn. Ó lè já láàrin ojú-ìwé méjì pàápàá, àlàyé á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú-ìwé 1, ìyókù ẹ̀ á wà lókè ojú-ìwé 2 lábẹ́ `B/F`, kọ̀ǹpútà á wá rò pé tiransákíṣọ̀n tuntun ni.

Kókó kan tún wà níbí tó jẹ mí níyà rí. Nọ́ńbà tí sọ́fítíwià kà, ọ̀rọ̀ ni ṣíìtì lè kà á sí, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ máa rí i tó fara ti apá òsì nínú àpótí ẹ̀. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fi àmì ìròpọ̀ àti mínọ́ọ̀sì ṣe é, Excel á gbà á bíi nọ́ńbà, gbogbo ìlà á mú òdo jáde, inú yín á dùn, àmọ́ `SUM` ò ní kà á rárá, ó máa fò ó kọjá láìsọ nǹkan kan. Ẹ sọ gbogbo E, F, G di nọ́ńbà gidi, kẹ́ ẹ sì sọ C di déètì gidi, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ wá ààyè òfìfo tó sápamọ́ sínú àpótí tó yẹ kó ṣófo náà, torí òun ló ń mú `#VALUE!` wá.

Ìgbésẹ̀ 4: Fọ́múlà, àti bí a ṣe ń ka ohun tó sọ

Nínú H3 ẹ kọ:

```
=ROUND(G2-E3+F3-G3,2)
```

Ẹ fà á délẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bálánsì tí báńkì tẹ̀ sókè, ẹ yọ dẹ́bíìtì kúrò, ẹ ro krẹ́díìtì mọ́ ọn, ẹ yọ bálánsì tí báńkì tẹ̀ sórí ìlà yìí, òdo ló gbọ́dọ̀ kù. `ROUND` yẹn wà níbẹ̀ torí kọ̀ǹpútà kì í lè tọ́jú ìdá ọgọ́rùn-ún pé pérépéré, láìsí i ẹ lè rí nǹkan bíi 0.0000000001 kẹ́ ẹ máa wá àṣìṣe tí kò sí. Ìlà tí báńkì bá kọ pé ẹ ti ná ju owó inú àkáǹtì lọ, yálà ó kọ `DR` síwájú ẹ̀ tàbí ó fi àkámọ́ sí i, ẹ kọ mínọ́ọ̀sì sí bálánsì ẹ̀ nínú G.

Ní báyìí, ẹ wo àwọn ìlà tí kò jẹ́ òdo. Ẹ má tíì ṣàtúnṣe kankan, ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe jókòó, torí bí wọ́n ṣe jókòó ló ń sọ irú àṣìṣe tó jẹ́.

Tó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló yàtọ̀, tí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ òdo, iye tiransákíṣọ̀n ló sábà máa ń ní àṣìṣe, tàbí kí ìlà kan ti sọnù lókè ẹ̀, bálánsì ò ṣe nǹkan kan. Ìlà 32 tèmi: bálánsì òkè 167,600.00, dẹ́bíìtì 13,350.00, bálánsì 149,250.00. Àyẹ̀wò mú 5,000 jáde. Mo padà sí fọ́tò, 18,350.00 ni, sọ́fítíwià ló ka 8 sí 3. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà jẹ́ nọ́ńbà kan tí òdo tẹ̀ lé. Ohun tí kíkà òdì máa ń mú wá nìyẹn: 8 àti 3 á fún yín ní 5, 7 àti 1 á fún yín ní 6, 0 àti 8 á fún yín ní 8, òdo tó tẹ̀ lé e sì ń sọ ipò tí nọ́ńbà yẹn wà. Tó bá jẹ́ pọ́ìntì ló sọnù, ìyàtọ̀ á tóbi rẹpẹtẹ. 6,720.50 tó di 672,050, ìyàtọ̀ ẹ̀ á jẹ́ 665,329.50, ẹ ò lè ṣàìrí i.

Tó bá jẹ́ ìlà méjì tó tẹ̀ léra, iye kan náà, ọ̀kan ní mínọ́ọ̀sì, ìkejì ò ní, bálánsì ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n kà lódì. Èyí ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù, wọ́n á rò pé tiransákíṣọ̀n méjì ló bàjẹ́. Ìlà 33 tèmi mú -300 jáde, ìlà 34 mú 300. Ó yẹ kí bálánsì ìlà 33 jẹ́ 142,529.50, ó ti kà á sí 142,829.50. Ìlà 33 ń bá bálánsì tí kò tọ́ jà ní ìsàlẹ̀, ìlà 34 ń bá òun náà jà látòkè. Ẹ tún nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ṣe, méjèèjì á di òdo pa pọ̀. Ká ní ẹ lọ tún dẹ́bíìtì ìlà 33 ṣe, kẹ́ ẹ tún lọ tún ti 34 ṣe, òdo náà lẹ máa rí o, àmọ́ dẹ́bíìtì méjì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín bà jẹ́ lẹ ní.

Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ìlọ́po méjì iye tó wà lórí ìlà yẹn gẹ́lẹ́, apá òdì lẹ kó o sí. Ìlà 61, ìyẹn àkọ́kọ́ lójú-ìwé 3: bálánsì òkè 88,410.00, mo ní 1,240.00 lábẹ́ krẹ́díìtì, bálánsì 87,170.00. Àyẹ̀wò mú 2,480 jáde. Ojú-ìwé 3 ló wọ́ díẹ̀ sápá ọ̀tún, dẹ́bíìtì wá lọ jókòó sí ààyè krẹ́díìtì. Mo gbé e padà. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú-ìwé kan, ó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìlà níbẹ̀, ẹ wò wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láìlo sọ́fítíwià, àṣìṣe tiyín yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà, ẹ máa ń pààrọ̀ ipò nọ́ńbà méjì. 6,720 á di 7,620, ìyàtọ̀ 900. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣeé pín sí 9 láìṣẹ́kù.

Nínú gbogbo èyí, fọ́múlà ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa wò ni, kì í sọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ. Mi ò kì í yí nọ́ńbà kankan padà láìṣí fọ́tò, kódà tó bá hàn gbangba pé 18,350 ni. Mo ní kọ́lọ́ọ̀mù I níbi tí mo ń kọ ohun tí sọ́fítíwià kà tẹ́lẹ̀ àti ohun tí mo rí nínú fọ́tò, torí ẹni tó bá gba ṣíìtì yẹn lè bi mí lọ́la.

Ìgbésẹ̀ 5: Gbogbo H ti di òdo, ẹ má tíì tì í

Ibí ni mo rò pé mo ti ṣe tán. Gbogbo ìlà òdo, ìsopọ̀ ojú-ìwé mẹ́ta pé, bálánsì ìparí 97,315.40 gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Mo wá ro E àti F pọ̀, mo fi wé `Total Debit` àti `Total Credit` tí báńkì tẹ̀ sí ìparí ojú-ìwé 4. Báńkì ní dẹ́bíìtì 211,934.60, tèmi 208,334.60. Báńkì ní krẹ́díìtì 125,000.00, tèmi 121,400.00.

Méjèèjì dín, 3,600.00 sì ni méjèèjì fi dín. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, mo ní báwo ni bálánsì ṣe pé nígbà náà? Mo wá rántí pé owó lè jáde kó sì padà wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìsanwó kan ò wọlé síbi tó ń lọ, báńkì dá a padà, ìlà méjì tó tẹ̀ léra, 3,600.00 jáde, 3,600.00 wọlé, bálánsì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Tí méjèèjì bá sọnù pọ̀, kọ́lọ́ọ̀mù H ò lè mọ̀ láéláé, torí ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ wọn ṣì so mọ́ra dáadáa. Mo lọ sí ojú-ìwé 3 níbi tí ìwé ti ṣẹ́ po láàrin, mo mú kí fọ́tò yẹn tóbi sí i, ìlà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú ìṣẹ́po yẹn, sọ́fítíwià ti fò wọ́n. Mo fọwọ́ tẹ̀ wọ́n wọlé, ìlà 116 tí mo ní di 118. Àròpọ̀ náà wá bára mu:

```
184,250.00 - 211,934.60 + 125,000.00 = 97,315.40
```

Báńkì mìíràn kì í tẹ àròpọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà yẹn ẹ fojú ka iye ìlà tó wà lójú-ìwé kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò, kẹ́ ẹ fi wé iye tó wà nínú ṣíìtì fún ojú-ìwé yẹn, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ní kọ́lọ́ọ̀mù B nìyẹn. Sítétímẹ́ǹtì tó jẹ́ pé ìparí ọjọ́ nìkan ló ń kọ bálánsì tún yàtọ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan ò ní ẹlẹ́rìí níbẹ̀, ọjọ́ lódindi lẹ máa yẹ̀ wò, ẹ ro dẹ́bíìtì àti krẹ́díìtì ọjọ́ yẹn pọ̀ kẹ́ ẹ tó fi bálánsì méjì wé ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Déètì

Kò sí ohun tí bálánsì mọ̀ nípa déètì àti àlàyé. Gbogbo H lè jẹ́ òdo kí oṣù ó jẹ́ òdì. Ẹ fi fọ́múlà kékeré kan sínú J4 kẹ́ ẹ fà á délẹ̀:

```
=IF(C4<C3,"WO","")
```

Tí déètì bá padà sẹ́yìn, á kọ `WO` síbẹ̀. Tèmi mú ìlà kan: 08 ló kà, ìlà tó tẹ̀ lé e jẹ́ 04, nígbà tí mo ṣí fọ́tò, 03 ni. Ẹ wo ìlà tó wà lókè `WO` kẹ́ ẹ tó wo èyí tó wà lórí ẹ̀, torí èyí tó ṣáájú náà lè ní àṣìṣe. Tí báńkì bá kọ déètì méjì sórí ìlà kan, èyí tó bá ń lọ síwájú láìpadà sẹ́yìn látòkè délẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sínú C, èkejì lè máa fò síwá sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣìṣe.